Bí Mo Ṣe Dán Omi Bíítírúùtù Wò fún Ẹ̀jẹ̀ Ríru Bàbá Mi

Bàbá mi ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láìdẹwọ́, síbẹ̀ iye tòkè ṣì máa ń sún mọ́ 150. Wọ́n ní kí n bá àwọn wá bíítírúùtù. Dókítà wọn kọ́kọ́ yẹ kíndìnrín wọn wò, nítorí pé bíítírúùtù lè ṣàkóbá fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa tàbí ẹni tí òkúta ti máa ń wà nínú kíndìnrín rẹ̀. Ó sì kìlọ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ fi oògùn sílẹ̀.

Mo ra èyí tó le koko ní ọjà Ìgbọ́nà, mo bó o, mo gé e wẹ́wẹ́, mo lọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi díẹ̀, mo sì sẹ́ ẹ. N kò bọ̀ ọ́, nítorí pé náítírèètì inú rẹ̀, tí a torí rẹ̀ ń mu ún, máa ń ṣàn sínú omi tí a fi bọ nǹkan. Mílílítà 250 lójúmọ́ ni mo ń fún wọn, èyí tí wọ́n lò nínú ìwádìí kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó jáde ní 2015, tí iye tòkè àwọn tó mu ún fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin fi wálẹ̀ ní nǹkan bíi 7 sí 8.

Ẹnu ni mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí jù. Lẹ́yìn tí náítírèètì bá ti wọnú ẹ̀jẹ̀, ara máa ń dá díẹ̀ nínú rẹ̀ padà sínú itọ́, níbi tí àwọn kòkòrò àìfojúrí orí ahọ́n ti ń sọ ọ́ di náítíráìtì. Ìgbà tí a bá gbé itọ́ náà mì ni ara tó lè rí ohun tó ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ dẹ̀. Bàbá mi sì máa ń fi omi apakòkòrò yọ ẹnu láràárọ̀, ohun tó ń pa àwọn kòkòrò náà. Mo fẹ́ rí ìyàtọ̀ rẹ̀ fúnra mi. Wọ́n á jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n á gbé apá sórí tábìlì kó bá àyà dọ́gba, n óò wá wọn ẹ̀jẹ̀ wọn kí wọ́n tó mu ún àti lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta. Láwọn ọjọ́ tí wọ́n ṣì ń lo omi apakòkòrò, iye náà kì í kúrò lójú kan: 148, lẹ́yìn náà 147. Nígbà tí wọ́n pa á tì fún ọ̀sẹ̀ kan, tí wọ́n ń fi pákò nìkan fọ ẹnu, 149 di 142. Láwọn ọjọ́ tí mo fún wọn ní omi lásán, kò wálẹ̀ bẹ́ẹ̀, èyí ló jẹ́ kí n gbà pé kì í ṣe ìsinmi ló fà á.

Àbúrò mi tó ń sáré ní pápá ìṣeré Òṣogbo náà ń mu ún ní wákàtí méjì ààbọ̀ kó tó sáré, torí pé ó ń dín atẹ́gùn tí iṣan ń lò fún iṣẹ́ kan náà kù. Kì í fi bẹ́ẹ̀ ran àwọn eléré ìje tó ti dáńtọ́ lọ́wọ́.

Ìtọ̀ lè pọ́n lẹ́yìn tí a bá mu ún. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá pọ́n ní ọjọ́ tí ẹ kò fẹnu kan bíítírúùtù rárá, ẹ tètè lọ rí dókítà.