Àwọn àṣìṣe tó máa ń jẹ́ kí ọmọ wà lórí fíìdì fún wákàtí kan kí ẹsẹ̀ ẹ̀ má fi bẹ́ẹ̀ kan bọ́ọ̀lù

Ẹ lọ wo fíìdì iléèwé kan lọ́jọ́ Sátidé níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ sí mẹ́wàá ní bọ́ọ̀lù. Ọmọ 16 ló wá, kóòṣì pín wọn sí méjì, mẹ́jọ mẹ́jọ, ó ju bọ́ọ̀lù kan sí wọn láàárín, ó fọn fèrè. Ẹ má wo ibi tí bọ́ọ̀lù wà o, ẹ wo ọmọ tí wọ́n ní kó dúró sẹ́yìn yẹn. Ó ti ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ya nǹkan sínú iyẹ̀pẹ̀. Bọ́ọ̀lù dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó gbá a dànù torí ẹ̀rù ń bà á, wọ́n sì pariwo lé e lórí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ wò. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá jẹ́ 600 sẹ́kọ́ńdì. Tí bọ́ọ̀lù bá jẹ́ ọ̀kan fún ọmọ 16, ká tiẹ̀ sọ pé wọ́n pín in dọ́gba-dọ́gba tí bọ́ọ̀lù ò sì jáde rárá, ọmọ kọ̀ọ̀kan ò lè ní in lẹ́sẹ̀ ju bíi sẹ́kọ́ńdì 37 lọ. Àmọ́ wọn ò ní pín in dọ́gba, gbogbo wa la mọ̀ pé ọmọ méjì mẹ́ta tó lágbára jù ni wọ́n máa gbá a láàárín ara wọn. Tẹ́ ẹ bá wá gbé ọmọ 16 yẹn sí fíìdì kékeré mẹ́rin, méjì sí méjì, bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, sẹ́kọ́ńdì 37 yẹn ti di 150, ọmọ tó ń bẹ̀rù náà ò sì ríbi sá sí mọ́ torí ẹnì kan péré ló wà pẹ̀lú ẹ̀ nínú tíìmù. Irú ohun tí wọ́n rò ní Jámánì nìyẹn tí àjọ tó ń bójú tó bọ́ọ̀lù wọn fi sọ ọ́ di dandan láti sáà 2024/25 pé kí àwọn ọmọ kékeré jù máa gbá méjì sí méjì tàbí mẹ́ta sí mẹ́ta.

Àṣìṣe tó tún burú ju ìyẹn lọ lójú tèmi, tó sì wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa gan-an torí àtinú mọ́ńkì pósìtì ló ti wá, ni kí kóòṣì pín àwọn ọmọ sí sẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, mẹ́rin mẹ́rin, kó la fíìdì kan ṣoṣo, kó ní sẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá ti gbá góòlù méjì wọlé ẹ̀ kó jáde, kí sẹ́ẹ̀tì mìíràn wọlé. Lójú, ó jọ pé ẹ̀yin náà ti ń jẹ́ kí àwọn ọmọ díẹ̀ díẹ̀ bára wọn ṣeré. Àmọ́ ẹ wo àwọn tó ń jáde: àwọn tí ò tíì mọ̀ ọ́n gbá ni, ìyẹn àwọn tí wọ́n nílò ẹ̀ jù. Wọ́n á wọlé, kí ìṣẹ́jú méjì tó pé wọ́n ti jáde, wọ́n á wá jókòó ti ògiri títí sẹ́ẹ̀tì méjì mìíràn á fi gbá tiwọn, nígbà tí àwọn tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ á máa gbá a lọ láìsinmi. Àgbàlagbà tó wá ṣeré ìrọ̀lẹ́ lè máa gbá a bẹ́ẹ̀, kò sí wàhálà. Ọmọ tó wá kọ́ṣẹ́ kọ́, ẹ jọ̀ọ́.

Ìdíje yẹn ṣì lè wà níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jókòó. Ẹ la fíìdì mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ìkọ̀ọ̀kan gùn tó ìṣísẹ̀ àgbà 15, kó fẹ̀ tó 10, kẹ́ ẹ fi ìṣísẹ̀ mẹ́ta sílẹ̀ láàárín wọn kí bọ́ọ̀lù má máa kó sínú ara wọn. Kóònù 16 ló máa tó àwọn igun, òkúta tàbí sílípáàsì ni kẹ́ ẹ fi ṣe pósìtì, ìṣísẹ̀ méjì ni kí góòlù fẹ̀. Ẹ fún fíìdì ní nọ́ńbà, 1 sí 4. Wọ́n á gbá méjì sí méjì fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, wọ́n á mu omi fún ìṣẹ́jú kan, àwọn tó bá borí á sún sókè lọ sí fíìdì tó kàn, àwọn tó bá pàdánù á sún sísàlẹ̀. Ẹni tó bá borí ní fíìdì 1 á dúró síbẹ̀, ẹni tó bá pàdánù ní fíìdì 4 náà á dúró. Tó bá jẹ́ ọ̀mì, ẹni tó gbá góòlù kẹ́yìn ló borí, tí ò bá sí góòlù rárá kí wọ́n ju owó ẹyọ sókè. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe é tó ìgbà mẹ́rin márùn-ún, ẹ máa rí i pé àwọn tí agbára wọn jọra ló ń bára wọn ṣeré, ọmọ tí ò tíì mọ̀ ọ́n gbá ti ń borí ẹnì kan ní fíìdì 4, ó ti ń gbìyànjú láti já ènìyàn kọjá torí kò sí ẹni tó máa gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ẹ̀ kíákíá. Gbogbo ẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú 24 lọ tẹ́ ẹ bá gbá a lẹ́ẹ̀mẹfà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró sójú góòlù o, kẹ́ ẹ sì ní góòlù ò kà àfi tẹ́ni tó gbá a bá ti kọjá àárín fíìdì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á kàn máa fi gbogbo agbára gbá a láti ẹ̀yìn wá.

Èyí tó máa ń ya èmi lẹ́nu ni ti wan tọ́ọ̀ṣì àti tuu tọ́ọ̀ṣì. Kóòṣì á ní òun fẹ́ kí ọmọ máa kan bọ́ọ̀lù dáadáa, á wá ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kàn án ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ẹ kúkú ti gé e kù fún un nìyẹn! Ọmọ tó yẹ kó gba bọ́ọ̀lù, kó yí padà, kó tì í síwájú lẹ́ẹ̀mẹta, kó já ẹnì kan, ti di ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù sílẹ̀ bí ẹni tí iná jó. Ẹ fi òfin yẹn sílẹ̀ títí wọ́n á fi tó ọdún mẹ́tàlá mẹ́rìnlá, tí wọ́n ti lè dáàbò bo bọ́ọ̀lù kí wọ́n sì gbójú sókè wò. Tí ọmọ kan ò bá ń páàsì rárá, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá jù ú lọ, wọ́n á gbà á lẹ́sẹ̀ ẹ̀, òun fúnra ẹ̀ á wá ẹni tó máa páàsì sí.

Ti ìwọ̀n fíìdì náà wà níbẹ̀. Àwọn kan á dín àwọn ọmọ kù àmọ́ wọn á fi fíìdì sílẹ̀ ní gbọ̀ọ̀rọ̀, ni àwọn ọmọ á bá máa gbá a síwájú kí wọ́n máa lé e. Tẹ́ ẹ bá ti rí i pé eré sísá ti ju bọ́ọ̀lù gbígbá lọ, ó ti tóbi jù. Tí bọ́ọ̀lù bá ń jáde ní gbogbo ìgbà tí wọ́n sì ń kọlu ara wọn, ẹ fi ìṣísẹ̀ méjì méjì kún un. Fún mẹ́rin sí mẹ́rin, ẹ jẹ́ kí fíìdì kọ́kọ́ gùn tó ìṣísẹ̀ 30, kó fẹ̀ tó 20. Kí bọ́ọ̀lù mìíràn wà létí fíìdì, kí ọmọ kàn gbé e sílẹ̀ kó tì í wọlé lẹ́sẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa fi ọwọ́ jù ú wọlé.

Tí ọmọ 17 bá wá ńkọ́? Ẹ má ní kẹ́nì kan jókòó. Ẹ wọ bíìbù aláwọ̀ mìíràn fún un, kó máa bá tíìmù tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ wọn ṣeré nínú ọ̀kan nínú àwọn fíìdì yẹn, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ ẹni tó ń wọ̀ ọ́ ní gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́ta, kó má lọ jẹ́ ọmọ kan náà ló máa wọ̀ ọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.