Bí a ṣe ń yan ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ìwé ìlò kọ̀ǹpútà: ọ̀ràn ‘fi pamọ́’

Kí ẹ tó wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ohunkóhun, ẹ ka ìwé náà tán. Ẹni tó bá ń tú u lójú ewé kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń kà á, ọ̀rọ̀ tó yàn lówùúrọ̀ á bá a jà lálẹ́. Èmi máa ń pín ojú ewé ìwé ìkọ̀wé lásán sí òpó mẹ́ta: ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ téèyàn bá tẹ̀ ẹ́, àti ọ̀rọ̀ Yorùbá. Òpó àárín ni kí ẹ kọ́kọ́ kún. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fò ó.

Orúkọ nǹkan kì í fi bẹ́ẹ̀ dààmú èèyàn. Bí àwọn tó ń lò ó bá ti ń pè é ní fáìlì, ẹ kọ fáìlì, kí ẹ máa lọ. Kọ̀ǹpútà ni mo máa ń kọ, n kì í kọ ẹ̀rọ ayárabíàṣá: ó ti gùn jù fún bọ́tìnnì, ìyára nìkan ló sì ń ròyìn. (Tèmi tó wà nílé, ìgbín ni.)

Ọ̀rọ̀ ìṣe ni ìjàngbọ̀n wà. Ẹ wo `Save`. ‘Fi pamọ́’ ni ọ̀pọ̀ atúmọ̀ máa sáré kọ, kò sì burú. Ṣùgbọ́n ohun téèyàn fi pamọ́ lè jẹ́ ohun tó tọ́jú kó má baà sọnù, ó sì lè jẹ́ ohun tí kò fẹ́ kí ojú tó o. Inú ètò kan náà sì ni `Hide` wà. Mo rí iṣẹ́ kan tí wọ́n ti kọ ‘Fi pamọ́’ fún méjèèjì. Ẹni tó ń kọ ìṣírò owó sínú tábìlì tẹ èyí tó wà lórí òpó, òpó náà sì pòórá. Ó rò pé iṣẹ́ òun ti parẹ́, ló bá tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni kí n fi ‘tọ́jú’ rọ́pò `Save`. Ó dùn lẹ́nu, àfi ìgbà tí mo dé orí tó ń sọ nípa ìtọ́jú ẹ̀rọ, tí ọ̀rọ̀ kan tún di ẹrù méjì. Mo bá fi ‘fi pamọ́’ sílẹ̀ fún `Save`, torí ó ti mọ́ àwọn èèyàn lẹ́nu, mo sì wá òmíràn fún `Hide`. ‘Mú kúrò lójú’ jọ ‘mú kúrò’ jù, ìyẹn sì lè já ẹni tó ń kà á láyà. ‘Bò’ ló gbà á: ohun tí a bò ṣì wà lábẹ́ ìbòrí, bẹ́ẹ̀ gan-an ló sì rí nínú kọ̀ǹpútà. Àmì ohùn ìsàlẹ̀ orí rẹ̀ máa ń lọ bí ọ̀rọ̀ orúkọ bá tẹ̀ lé e, nítorí náà ‘Bo òpó yìí’ ni kí ẹ kọ, kì í ṣe ‘Bò òpó yìí’. Fún ìdàkejì rẹ̀, ẹ kọ ‘Fihàn’. Ẹ má fọwọ́ kan ‘Ṣí’, torí `Open` ti gbà á.

Ibi tí wọ́n ti ń bà á jẹ́ jù rèé: ‘fi pamọ́’ máa ń là sí méjì, ohun tí à ń fi pamọ́ á sì wọ àárín. Nínú fáìlì ìtúmọ̀, báyìí ni kó rí:

```
msgid "Save %s"
msgstr "Fi %s pamọ́"
```

Orúkọ fáìlì ló máa dúró sí àyè `%s`. Ẹni tó bá kọ ‘Fi pamọ́ %s’ ti tẹ̀ lé Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn. Èyí tó tún burú ni ètò tó kàn ń fi `Save` lẹ̀ mọ́ iwájú orúkọ fáìlì láìfi àyè kankan sílẹ̀ fún yín. Ẹ bẹ ẹni tó kọ ètò náà kó fún yín ní odindi gbólóhùn. Bó bá kọ̀, ẹ sá lọ sínú ọ̀rọ̀ orúkọ: ‘Ìfipamọ́’. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ orúkọ ni ohun tó ní í máa ń dúró ní Yorùbá, nítorí náà ‘Ìfipamọ́ ìwé.odt’ á bá ẹnu mu.

Kí ẹ tó gba ọ̀rọ̀ kan wọlé, ẹ gbé e la gbogbo ẹbí rẹ̀ kọjá: ‘Fi í pamọ́’, ‘A ti fi í pamọ́’, ‘A kò tíì fi í pamọ́’, ‘Fi pamọ́ ní orúkọ mìíràn’. Bí ọ̀kan bá kọ́ yín lẹ́sẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò tíì jinná. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni kí ẹ sì máa gbà tẹ ‘ọ́’, torí kọ̀ǹpútà lè kó àmì rẹ̀ jọ ní ọ̀nà ju ẹyọ kan lọ, tí ẹ ó máa wá ‘pamọ́’ tí kò ní jáde, bẹ́ẹ̀ ó wà níwájú yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi bọ́tìnnì méjèèjì han ẹni tí kò sí níbi iṣẹ́ náà. Ẹ má bi í pé ṣé ó yé e, torí bẹ́ẹ̀ ni ló máa sọ. Ẹ bi í pé: ‘Bí ẹ bá tẹ èyí, kí ló máa ṣẹlẹ̀?’ Ẹ wá fi ìdáhùn rẹ̀ wé ohun tí ẹ kọ sínú òpó àárín.