Ìdáhùn Márùn-ún ni àbí Méje: Bí Mo Ṣe Yàn fún Ìwé Ìbéèrè Àwọn Òṣìṣẹ́ Wa

Ilé iṣẹ́ búrẹ́dì kan n'Íbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo sì ń mójú tó ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́. Àwa 64 ni: àwọn tó ń po ìyẹ̀fun, àwọn ará ìdí ààrò, àwọn tó ń di búrẹ́dì sí ọ̀rá, àwọn dírẹ́bà, àti àwa díẹ̀ tó wà ní ọ́fíìsì. Lọ́dọọdún la máa ń pín ìwé ìbéèrè láti mọ bí iṣẹ́ ṣe ń rí lára wọn. Gbólóhùn la máa ń kọ síbẹ̀, bíi "Tí mo bá ní nǹkan ò dáa, ọ̀gá tó wà lórí mi máa ń gbọ́." Òṣìṣẹ́ á wá mú ọ̀kan nínú ìdáhùn márùn-ún, láti orí "Mi ò gbà rárá" títí dé "Mo gbà gan-an."

Nígbà tí a fẹ́ ṣe tọdún yìí, ọ̀gá wa ní kí n sọ ìdáhùn náà di méje. Ìdí tó mú wá kì í ṣe ohun tí èèyàn lè tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: nínú ọ̀pọ̀ ìbéèrè, "Mo gbà" ni èèyàn púpọ̀ ń mú, kò sì rí ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí inú rẹ̀ dùn àti ẹni tó kàn ń fara mọ́ ọn. Ó gbà pé tí ìdáhùn bá pọ̀ sí i, ìyàtọ̀ á hàn.

Rensis Likert, ará Amẹ́ríkà, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe irú òṣùwọ̀n yìí. Ọdún 1932 ló gbé ọ̀nà náà jáde, ìdáhùn márùn-ún ló sì lò. Àwọn tó ń lo méje náà ní ẹjọ́ tiwọn. Tí àwọn tó ń dáhùn bá mọ̀wé kà dáadáa, tí a sì kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, méje lè fi ohun tí márùn-ún bò mọ́lẹ̀ hàn. Nítorí náà, mi ò kọ̀ fún ọ̀gá. Mo kàn ní kí ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan kí n fi méjèèjì dán àwọn èèyàn wa wò, torí Yorùbá ni ìwé ìbéèrè wa, èmi ni mo sì máa kọ́kọ́ wá ọ̀rọ̀ méje tó dúró lórí ìlà kan láìsí pé ọ̀kan ń gun ẹ̀yìn èkejì.

Mo gé páálí sí wẹ́wẹ́ méje, mo kọ ìdáhùn kan sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: "Mi ò gbà rárá," "Mi ò gbà," "Mi ò gbà díẹ̀," "Mo wà láàárín," "Mo gbà díẹ̀," "Mo gbà," "Mo gbà gan-an." Mo da wọ́n pọ̀ mọ́ra, mo sì ní kí èèyàn mẹ́wàá láti ẹ̀ka oríṣiríṣi tò wọ́n, lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí ẹni tó kọ̀ jù dé orí ẹni tó gbà jù. Mi ò ṣàlàyé kankan fún wọn. Màmá kan tó ti pẹ́ ní ìdí ọ̀rá gbé "Mi ò gbà díẹ̀" sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ó tún fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ fi gbé eléyìí síbẹ̀?"

"Ọmọ mi, ẹni tó ní òun ò gbà díẹ̀, díẹ̀ pàápàá ni kò gbà yẹn. Ẹni tó ní òun ò gbà ṣì sàn jù ú."

Òótọ́ ló sọ. Ohun tó wà lọ́kàn mi nígbà tí mo kọ ọ́ ni ẹni tó kọ̀, àmọ́ tí kíkọ̀ rẹ̀ kò le. Gbólóhùn náà lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì lè jẹ́ ẹni tí kò gbà rárá. Òun nìkan kọ́ ló kà á bẹ́ẹ̀, mẹ́rin nínú àwọn mẹ́wàá ló gbé e sísàlẹ̀ "Mi ò gbà." Tó bá jẹ́ pé mo ti tẹ ìwé yẹn, ẹni tó ń bínú gan-an àti ẹni tó ń ráhùn díẹ̀ ì bá mú ìdáhùn kan náà, èmi ì bá sì ka àwọn méjèèjì sí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò dùn púpọ̀.

Mo pààrọ̀ rẹ̀ sí "Mi ò fi bẹ́ẹ̀ gbà," torí ohun tí à ń sọ lójoojúmọ́ nìyẹn. Mo tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó gbé e sísàlẹ̀ mọ́, àmọ́ ó sún lọ sókè ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn kan fi í sí àárín gbùngbùn, àwọn kan tò ó tẹ̀ lé "Mo gbà díẹ̀" gbọ̀ngbọ̀n. Dírẹ́bà kan tilẹ̀ kó páálí méjèèjì léra. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀kan náà ni. Tí ẹ bá bi mí bóyá ọbẹ̀ kan dùn, tí mo ní ó dùn díẹ̀, ẹ ti mọ̀ pé kò fi bẹ́ẹ̀ dùn nìyẹn."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yé mi. Ní apá òkè òṣùwọ̀n, a ní àtẹ̀gùn mẹ́ta tó dúró dáadáa: gbà díẹ̀, gbà, gbà gan-an. Ní apá ìsàlẹ̀, méjì péré ló dúró. Ọ̀rọ̀ tí a máa ń fi rọ kíkọ̀ lójú, gbígbà tí a bu lára rẹ̀ ni, kì í sì í pẹ́ yọ́ kúrò ní apá ìsàlẹ̀ lọ bá apá òkè. Mo tún gbìyànjú "Mo kọ̀ ọ́ díẹ̀," wọ́n sì tò ó dáadáa, àmọ́ nígbà tí mo fi í sábẹ́ "Oúnjẹ ọ̀sán wa dára," wọ́n ń wo ojú mi. Èèyàn kì í kọ oúnjẹ díẹ̀ báyẹn. Páálí márùn-ún ni mo fi parí rẹ̀: mo yọ àwọn méjì tó ní "díẹ̀" kúrò, gbogbo wọn pátá sì tò ó bó ṣe yẹ.

Ọ̀nà kan tí àwọn èèyàn máa ń gbà yẹra fún wàhálà ọ̀rọ̀ ni pé wọ́n á kọ nọ́ńbà 1 dé 7, wọ́n á wá fi ọ̀rọ̀ sí orí méjèèjì nìkan. Mo dán ìyẹn náà wò pẹ̀lú "Èmi àti àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ mọwọ́ ara wa." Ọmọbìnrin kan ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ bí wọ́n ṣe ń ran ara wọn lọ́wọ́ lálẹ́, ó sì fa igi yí 1 ká. Nígbà tí mo bi í, ó ní ṣebí ẹni tó bá ṣe ipò kìíní ló mókè. Ojú ìwé èsì ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ ló fi ka nọ́ńbà náà, kò sì sí ohun tó máa sọ fún mi nínú àpapọ̀ pé ìdáhùn rẹ̀ ti dorí kodò.

Fún àwọn tí kò lè kàwé, tí a máa ń ka ìbéèrè sí létí, mo rí ọ̀nà kan tí méje fi lè ṣiṣẹ́. Wàá kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá wọ́n gbà, wọn ò gbà, tàbí wọ́n wà láàárín. Ẹni tó bá ní òun gbà tàbí òun ò gbà, wàá wá bi í bóyá ó le gan-an, ó mọ níwọ̀n, tàbí díẹ̀ ni. Ìdàrúdàpọ̀ tán níbẹ̀, torí ẹni náà ti yan apá kan kí "díẹ̀" tó wọlé. Àmọ́ ìbéèrè 20 ló wà nínú ìwé wa, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di 40 báyẹn. Ará ìdí ààrò tí búrẹ́dì rẹ̀ wà nínú iná kò ní dúró gbọ́ 40. Tó bá jẹ́ ìbéèrè mẹ́fà tàbí méje ni mo ní, ọ̀nà yìí ni ǹ bá mú.

Ohun kan ṣì kù tí mo fi han ọ̀gá lórí kọ̀ǹpútà. Ó ní tí a bá lo méje, a ṣáà lè sọ tọdún tó kọjá àti tọdún yìí di àpapọ̀ 100, ká sì fi wọ́n wé ara wọn. Ìṣirò náà rọrùn. Inú A2 ni nọ́ńbà ìdáhùn wà. Ti márùn-ún ló ṣáájú, ti méje ló tẹ̀ lé e:

```
=(A2-1)/4*100
=(A2-1)/6*100
```

Mo ní kí ó wo òṣìṣẹ́ kan tí ọkàn rẹ̀ kò yí padà rárá. Lọ́dún tó kọjá ó mú "Mo gbà," tó jẹ́ 4 nínú márùn-ún. Ìyẹn di 75. Lọ́dún yìí ó tún mú "Mo gbà," tó ti di 6 nínú méje. Ìyẹn di 83. Inú ẹni náà kò dùn jù bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ ìwé wa á máa pariwo pé nǹkan ti sunwọ̀n. Ọ̀gá dákẹ́, ó tún un ṣírò fúnra rẹ̀, ó wá ní ká fi márùn-ún sílẹ̀.

Ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ àkọ́kọ́ ṣì wà ńlẹ̀ ṣá: gbogbo èèyàn ń gbà. Mo padà sí àwọn gbólóhùn náà, ibẹ̀ ni mo sì ti rí i pé àwa la kọ ohun tí kò sẹ́ni tó lè kọ̀. "Inú mi dùn sí iṣẹ́ mi" wà níbẹ̀. Ta ni yóò kọ̀ ọ́ lórí ìwé tó ń padà sọ́dọ̀ ẹni tó gbà á síṣẹ́? Mo yọ ọ́, mo fi "Mo máa ń tètè mọ ọjọ́ tí iṣẹ́ alẹ́ máa kàn mí" sí i. Mo tún yọ àwọn gbólóhùn tó ní "kì í" tàbí "kò" nínú, torí ẹni tó bá fẹ́ sọ pé ọ̀gá òun ń gbọ́ tòun á ní láti dáhùn "Mi ò gbà" sí "Ọ̀gá mi kì í gbọ́ tèmi," ọ̀pọ̀ ló sì ń ṣì í. Lẹ́yìn náà, mo ya "Kò kàn mí" sọ́tọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí dírẹ́bà má baà fi "Mo wà láàárín" dáhùn ìbéèrè nípa ooru ààrò.

Nígbà tí ìwé padà dé, mo ka iye èèyàn tó mú ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, mi ò gbé ọkàn lé ìpíndọ́gba nìkan. Lórí ìbéèrè iṣẹ́ alẹ́ yẹn, èèyàn 14 ló dáhùn ní ìdí ààrò, 14 náà ló dáhùn ní ìdí ọ̀rá, ìpíndọ́gba ẹ̀ka méjèèjì sì jẹ́ 3 géérégé. Ní ìdí ọ̀rá, 10 ló mú àárín, méjì ní "Mi ò gbà," méjì ní "Mo gbà." Ní ìdí ààrò, kò sẹ́nì kan ní àárín: 5 ní "Mi ò gbà rárá," 2 ní "Mi ò gbà," 2 ní "Mo gbà," 5 ní "Mo gbà gan-an."

Mi ò bi wọ́n ní orúkọ tàbí àsìkò iṣẹ́ nínú ìwé náà, torí nínú èèyàn 14, ìyẹn ti tó láti fi mọ ẹni tó kọ ọ́. Nítorí náà mo lọ jókòó ní ìdí ààrò lálẹ́ ọjọ́ mẹ́ta. Ara ògiri lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì la máa ń lẹ ìwé iṣẹ́ alẹ́ mọ́, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán ń kà á kí wọ́n tó lọ sílé. Nígbà tí àwọn ará alẹ́ bá fi dé, a ti ti géètì iwájú, ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbà wọlé. A ti lẹ òmíràn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ń so aṣọ iṣẹ́ kọ́ báyìí.