Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tí a bá ń ra àdápútà Bùlútúùtù fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì

Tí kọ̀ǹpútà orí tábìlì kò bá ní Bùlútúùtù, ohun kékeré kan tí kò tó ìka ọwọ́ lè bá wa yanjú ẹ̀. A ó kì í bọ ẹnu USB, hẹ́dífóònù, máòsì àti kíbọ́ọ̀dù tí kò ní wáyà á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àmọ́ ọ̀pọ̀ àdápútà tó wà lọ́jà ni kò lágbára, àwọn míì kì í tiẹ̀ ṣe ohun tí wọ́n kọ sára páálí wọn. Ó sì dùn mí pé àwọn tó ń rà á kì í sábà wo ibi tó yẹ kí wọ́n wò.

Má fi nọ́ńbà ara páálí nìkan rà á

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ máa ń wò ni nọ́ńbà ẹ̀dà Bùlútúùtù, bíi 5.0, 5.3 tàbí 5.4. Wọ́n gbà pé bí nọ́ńbà náà bá ṣe ga tó ni orin á ṣe dé ọ̀nà jíjìn tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà jíjìn tí wọ́n ń torí ẹ̀ yin 5.0 jẹ́ ti ẹ̀ya Bùlútúùtù tí kì í jẹ iná púpọ̀, èyí tí wọ́n máa ń kọ LE sí lára, kò sì pọn dandan kí ilé iṣẹ́ tó ṣe àdápútà fi í sínú ẹ̀. Ẹ̀yà àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ jù lọ hẹ́dífóònù ṣì fi ń gba orin, nọ́ńbà yẹn kò sì fi agbára kankan kún ìyẹn.

Ohun tó yẹ ká wá lára páálí ni Class, ìyẹn ìpele agbára tí àdápútà fi ń ránṣẹ́. Class 2 kì í ju mílíwáàtì 2.5 lọ, nǹkan bíi mítà 10 ni wọ́n sì máa ń kà sí i lọ́rùn níbi tí ohunkóhun kò dí i lọ́nà. Class 1 lè dé mílíwáàtì 100. Tí páálí kò bá sọ Class kankan, tó kàn ń pariwo 5.3, ẹ ṣọ́ra.

Ẹ wo bó ṣe gùn tó náà. Èyí tó kéré gan-an, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú ẹnu USB tán, ń fi àńtẹ́nà rẹ̀ pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin àpótí kọ̀ǹpútà. Lára laptọ́ọ̀pù, ìyẹn lè má fa wàhálà torí pé iwájú wa ló wà. Àmọ́ lẹ́yìn àpótí onírin tó wà lábẹ́ tábìlì, irin náà wà láàárín òun àti ẹni tó ń lò ó. Èyí tó gùn díẹ̀, tàbí tí àńtẹ́nà rẹ̀ yọ síta, ni mo máa ń ní kí èèyàn rà.

Má gba orúkọ ṣíìpù gbọ́ láì yẹ̀ ẹ́ wò

Orúkọ kan wà tí ẹ máa rí léraléra: CSR8510 A10. Ṣíìpù gidi ni, ó sì dáa, àmọ́ Bùlútúùtù 4.0 ni. Ayédèrú rẹ̀ pọ̀ lọ́jà lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Bí páálí bá sọ 5.0, tí kọ̀ǹpútà wá pè é ní CSR8510 A10, ọ̀kan nínú méjèèjì ti purọ́.

Lórí Windows, ẹ ṣí Device Manager, ẹ lọ sábẹ́ Bluetooth, ẹ tẹ àdápútà náà lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ wá wo ojú ewé Advanced. Níwájú LMP, nọ́ńbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá rí ló ń sọ òótọ́: 6 jẹ́ 4.0, 9 jẹ́ 5.0, 12 sì jẹ́ 5.3. Lórí Linux, ẹ tẹ èyí:

```
lsusb
sudo dmesg | grep -i csr
```

Ojúlówó àti ayédèrú lè jọ fi 0a12:0001 hàn nínú lsusb, torí náà ìyẹn nìkan kò tó. Tí ìlà kejì bá mú "Unbranded CSR clone detected" jáde, ayédèrú ni. Ó lè máa bá iṣẹ́ lọ fún ọjọ́ díẹ̀, àmọ́ àwọn ayédèrú yìí ló sábà máa ń kọ̀ láti so padà nígbà tí kọ̀ǹpútà bá jí lójú oorun, tàbí kí wọ́n sọ ohun èlò kejì nù nígbà tí ẹ bá so ìkẹta mọ́ ọn. Ẹ dá a padà kí àsìkò tí olùtajà fún yín tó kọjá.

Má kì í bọ ẹnu USB ẹ̀yìn kí o wá pè é ní aláìlágbára

Èyí ló ń dùn mí jù, torí pé àdápútà tó dáa ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi. Orí ìgbì 2.4 gígáhẹ́ẹ̀tì ni Bùlútúùtù ń ṣiṣẹ́. Lọ́dún 2012, Intel tẹ ìwé kan jáde tó fi hàn pé ariwo rédíò tí USB 3.0 ń tú jáde nígbà tó bá ń gbé dátà bọ́ sáàárín 2.4 sí 2.5 gígáhẹ́ẹ̀tì gan-an. Tí a bá wá fi àdápútà sẹ́gbẹ̀ẹ́ háàdì dísìkì USB 3.0, inú ariwo la fi sí.

Ẹnì kan pè mí pé kí n wá wo tirẹ̀. Orin inú hẹ́dífóònù rẹ̀ ń já, ó sì ti fẹ́ ra àdápútà míì. Àpótí kọ̀ǹpútà náà wà nílẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sí ògiri. Àdápútà tín-ín-rín kan wà nínú ẹnu USB aláwọ̀ búlúù, háàdì dísìkì wà nínú ẹnu tó tẹ̀ lé e. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ sí í da fáìlì ńlá kan sórí dísìkì náà, orin sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé. Ó dá a dúró, orin tún já geere. A wá wáyà ìfàgùn USB 2.0 tó tó mítà kan, a fi àdápútà náà sí ìpẹ̀kun rẹ̀, a sì gbé e sórí tábìlì lẹ́yìn ojú kọ̀ǹpútà. A tún da fáìlì náà, orin kò gé mọ́. Àdápútà tó fẹ́ dà nù yẹn náà ni.

Ìgbà tí orin ń já ló máa ń tú àṣírí. Tó bá jẹ́ nígbà tí dísìkì ń ṣiṣẹ́ nìkan ni, ariwo USB 3.0 ni. Tó bá jẹ́ nígbà tí ẹ kẹ́yìn sí àpótí tàbí tí ẹ dìde lórí àga, agbára rẹ̀ kò tó, tàbí ara yín àti irin ló ń dí i lọ́wọ́. Ẹ kọ́kọ́ lo wáyà ìfàgùn. Àmọ́ bó bá ń já nígbà tí hẹ́dífóònù kò ju ìwọ̀n apá kan lọ sí i, tí dísìkì kankan kò sì ṣiṣẹ́, àdápútà náà gan-an ni kí ẹ fura sí.

Àwọn kékeré tó kù

Àwọn kan wà tó jẹ́ ti orin nìkan. Kọ̀ǹpútà á kà wọ́n sí káàdì ohùn, wọn kò sì ní so kíbọ́ọ̀dù tàbí máòsì. Àwọn míì tún wà tó jẹ́ pé iná nìkan ni wọ́n ń gbà láti ẹnu USB. Ara ẹ̀rọ orin ni wọ́n ń so wọ́n mọ́, kì í ṣe ara kọ̀ǹpútà. Ẹ ka àpèjúwe rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó sanwó.

Ẹ má sì dá àdápútà lẹ́bi tí ohùn bá bàjẹ́ kìkì nígbà tí ẹ bá ń fi máìkì hẹ́dífóònù náà sọ̀rọ̀. Bí máìkì bá ti ń ṣiṣẹ́, Bùlútúùtù àtijọ́ máa ń bọ́ sí ọ̀nà ìpè, tí ohùn rẹ̀ kò gbádùn tó ti orin. Èyí tó wọ́n jù lọ́jà kò lè tún ìyẹn ṣe.

Tó bá jẹ́ torí kíbọ́ọ̀dù lẹ ṣe ń rà á, ẹ má ju kíbọ́ọ̀dù oníwáyà yín nù. Àdápútà yìí kì í sábà ṣiṣẹ́ kí Windows tàbí Linux tó dìde, ẹ ò sì ní lè fi kíbọ́ọ̀dù Bùlútúùtù wọ inú BIOS.