Ọ̀fun tó ń gbẹ láàárọ̀: bí mo ṣe wá ìdí rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi

Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ahọ́n ẹ̀gbọ́n mi á ti lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Wọn ò ní lè dáhùn kíkí ẹnikẹ́ni títí wọ́n á fi mu omi inú ọ̀rá kan tán. Ọyẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ dá lẹ́bi, ṣùgbọ́n oṣù keje la wà, òjò ń rọ̀ ní Adó-Èkìtì. Wọn ò lo Píríton, tó máa ń mú kí ẹnu gbẹ. Mo ní kí wọ́n lọ yẹ ṣúgà ara wò kí wọ́n tó jẹun àárọ̀, ó jẹ́ 5.2, kò sí wàhálà níbẹ̀. Ó wá ku bí wọ́n ṣe ń mí lóru.

Imú ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí wọ́n pa ẹnu dé, kí wọ́n fi àtàǹpàkò dí ihò imú kan, kí wọ́n fi èkejì mí lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ti ọ̀tún lọ geere. Ti òsì, ní ẹ̀ẹ̀kẹta ni wọ́n ti la ẹnu. Mo wá gbé dígí kékeré tó tutù sábẹ́ imú wọn: ooru omi tó hàn lábẹ́ ihò ọ̀tún fẹ̀ bí owó kọ́bọ̀, ti òsì kò ju ìlà tín-ínrín lọ. Imú ló ń mú kí afẹ́fẹ́ móoru, tó sì ń fi omi sí i kó tó dé ọ̀fun. Bí imú bá dí, ẹnu á gba iṣẹ́ náà, afẹ́fẹ́ gbígbẹ á sì máa gba orí ọ̀fun kọjá mọ́jú.

Ọ̀rọ̀ ìyàwó wọn ni kò jẹ́ kí n dúró síbẹ̀. Wọ́n ní, “Ẹ gbọ́, híhanrun wọn kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ìgbà tó bá dákẹ́ lójijì ni.”

A fi fóònù gba ohùn oorun wọn sílẹ̀. Òru àkọ́kọ́ bàjẹ́, nítorí fáànù wà nítòsí, fóònù sì wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Ariwo fáànù nìkan la gbọ́. Lálẹ́ kejì, a gbé fóònù sórí àga tó jìnnà sí orí wọn ní ìwọ̀n apá kan, a sì pa fáànù. Mo fi aago ka wákàtí kan láti aago méjì òru. Ohun tí mò ń wá ni kí híhanrun ga sókè, kó dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n sì wá fa èémí pẹ̀lú ariwo bí ẹni tó yọ látinú omi. Mo ka 19. Èyí tó pẹ́ jù jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 34.

Ìdákẹ́ lè jẹ́ pé ẹni náà kàn ń mí jẹ́jẹ́, ohùn nìkan kò sì lè fi ìyàtọ̀ hàn. Nítorí náà ni ìyàwó wọn ṣe fi tọ́ọ̀ṣì wo àyà wọn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lálẹ́ kẹta. Àyà àti ikùn ń gbìyànjú, wọ́n ń lọ sókè sódò, síbẹ̀ afẹ́fẹ́ kankan kò gba ẹnu tàbí imú. Ọ̀fun ló ti pa dé: ẹran ara ibẹ̀ dẹ̀ lójú oorun, ahọ́n sì fà sẹ́yìn.

Mo fi téèpù télọ̀ wọn ọrùn wọn, ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 44. Ìbéèrè mẹ́jọ ni àwọn dókítà máa ń fi yẹ èémí tó ń dúró lójú oorun wò: híhanrun, rírẹ̀ lọ́sàn-án, èémí tí ẹlòmíì rí pé ó ń dúró, ẹ̀jẹ̀ ríru, sísanra gan-an, ọjọ́ orí tó ju 50 lọ, ọrùn tó ju sẹ̀ǹtímítà 40 lọ, àti jíjẹ́ ọkùnrin. Ẹni tó bá ní márùn-ún, ewu rẹ̀ ga. Ẹ̀gbọ́n mi ní méje. Sísanra gan-an nìkan ló yẹ̀ wọ́n.

Kí ọjọ́ dókítà tó pé, a fi ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ sínú ife omi kan tí a ti sè tó sì ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n fi ń fọ imú lálẹ́. Wọn ò mu ẹmu nírọ̀lẹ́ mọ́, torí ọtí tún máa ń mú ọ̀fun dẹ̀ sí i. A rán bọ́ọ̀lù kékeré mọ́ ẹ̀yìn síńgílẹ́ẹ̀tì wọn kí wọ́n má baà fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀fun ò gbẹ tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Inú wọn dùn, wọ́n ní àwọn ò lọ rí dókítà mọ́. Mo tún ka wákàtí kan: 11 ṣì wà níbẹ̀. Gbígbẹ ọ̀fun ti dínkù, èémí ṣì ń dúró. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀ nígbà tí ọ̀rẹ́ wọn kan ní kí wọ́n máa fi pílásítà lẹ ẹnu pọ̀ sùn: ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ ń pa dé, tí imú rẹ̀ sì dí, ẹnu yẹn ni ọ̀nà tó kù fún un.

Ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun ní ilé ìwòsàn ńlá ni wọ́n mú ohùn náà àti ìwé tí mo kọ iye rẹ̀ sí lọ. Dókítà ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò oorun: bí èémí bá dúró tàbí tó dínkù lẹ́ẹ̀márùn-ún sí 14 ní wákàtí kan, ó fúyẹ́, 15 sí 29, ó wà láàárín, 30 lọ sókè, ó le. Títí àbájáde á fi dé, wọn ò wa ọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́, torí ẹni tí kò sun oorun gidi lóru lè tòògbé lórí títì.