Orin ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn: kí ló dé tó jẹ́ orin ẹnì kan ṣáá là ń gbọ́?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, àwa mẹ́rin la fẹ́ jọ rin ìrìn wákàtí 8. Jáàsì ni bàbá mi mọ̀, orin ìyìn ni ti ìyàwó mi, ráàpù ni àbúrò mi ọkùnrin ń gbọ́, èmi sì fẹ́ràn orin ijó. A kó gbogbo ẹ̀ sínú àtòjọ kan, a ní kí fóònù máa ṣà á bó ṣe wù ú. Ráàpù ṣáá ló ń jáde. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ẹ ka orin tí ẹnì kọ̀ọ̀kan kó síbẹ̀. Bí àbúrò yín bá kó 80 nínú 120, ráàpù á tó méjì nínú orin mẹ́ta tí ẹ bá gbọ́. Fóònù ò ṣojúsàájú o, ẹni tó kó púpọ̀ ló ń gbọ́ púpọ̀.

Ẹ má wá sọ pé kí kálukú mú 20 wá. Jáàsì tó gba ìṣẹ́jú 9 wọ́pọ̀, ráàpù lè má ju ìṣẹ́jú 3 lọ. Orin 20 á fún bàbá ní wákàtí 3, á fún àbúrò yín ní wákàtí 1 péré. Ìṣẹ́jú ni kí ẹ fi pín in. Ẹ yọ wákàtí 2 sílẹ̀ fún ìsinmi, ọ̀rọ̀ sísọ àti ìdákẹ́jẹ́ẹ́ (ẹ máa nílò rẹ̀). Èyí tó kù jẹ́ wákàtí 6, ìṣẹ́jú 90 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ìbéèrè: Ṣé ká wá máa gbà á ní orin kọ̀ọ̀kan?

Ìdáhùn: Rárá. Bí ráàpù bá já lu orin ìyìn, tí jáàsì tún já lu ráàpù, kò sẹ́ni tó máa gbádùn tirẹ̀. Ẹ fún kálukú ní ìṣẹ́jú 15 lẹ́ẹ̀kan: ráàpù márùn-ún, tàbí jáàsì kan sí méjì. Láàárín wákàtí kan, ó ti kan gbogbo yín. Ẹni tí ò fẹ́ràn èyí tó ń lọ mọ̀ pé kò ní pẹ́ parí, ìyẹn ni kì í jẹ́ kó máa kùn. Ẹ to orin ijó tẹ̀ lé ráàpù, torí ìlù wọn súnmọ́ra. Kí orin ìyìn tó rọra wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jáàsì. Ẹ tò ó fúnra yín, kí ẹ sì pa ṣíṣà bó ṣe wù ú yẹn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo ètò yìí á dàrú.

Ìbéèrè: Bí ẹnì kan ò bá lè fara da orin kan rárá ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan yọ orin méjì péré kúrò nínú ti àwọn yòókù, nílé, kí ẹ tó gbéra. Ẹni tó yọ wọ́n ò gbọdọ̀ fi tirẹ̀ dípò; ẹni tó ni ìṣẹ́jú yẹn ló máa wá òmíràn. Lójú ọ̀nà, awakọ̀ nìkan ló lè fo orin, pàápàá orin tó bá ń mú un tòògbé. Ẹ gba gbogbo orin sórí fóònù ṣáájú, torí níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti lọ, orin á dákẹ́.