Ẹ̀yin tí ẹ ń lo wáfárììnì, ẹ ṣọ́ra fún fílájìlì

Ẹ̀yin ará Òṣogbo, tí ẹ bá ń lo wáfárììnì, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe ra fílájìlì fún inú rírun lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì láìsọ fún dókítà yín. Ẹ̀dọ̀ ni ó máa ń pa agbára wáfárììnì, fílájìlì sì máa ń dí i lọ́wọ́, débi pé oògùn tí ẹ kò fi kún rárá yóò máa gbá jọ sínú ẹ̀jẹ̀. Ká ní INR, ìyẹn iye tó ń fi hàn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì, tó wà lórí ìwé èsì ìyá kan jẹ́ 2.5, tó sì yẹ kó wà láàárín 2 sí 3. Láàárín ọjọ́ mélòó kan ó lè kọjá 5, kí ẹ̀jẹ̀ sì máa jáde ní erìgì bó bá ń fọ eyín.

Bí dókítà bá ní kí ẹ lò ó, ẹ ṣe àyẹ̀wò INR lẹ́yìn ọjọ́ 3 sí 5, kí ẹ sì tún un ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá parí rẹ̀, torí iye náà yóò tún wálẹ̀. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ kì í ṣe èèwọ̀, ṣùgbọ́n kí ìwọ̀n tí ẹ ń jẹ lọ́sẹ̀ má yí padà. Àgbo ni ó ń bà mí lẹ́rù jù, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ìwọ̀n ohun tó wà nínú ìgò. Bí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, tàbí tí orí bá fọ́ yín gidigidi lójijì, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.